Ìgò bíà méjì lálẹ́, ṣòkòtò ò wọ̀ mọ́: kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ọmọ Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ta pákó ní Bódìjà, ọmọ ọdún 43 ni mí. Tí a bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó díẹ̀ kí gosiló ojú títì tó rọlẹ̀. Ìgò bíà ńlá méjì ni mo máa ń mu, láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè. N kì í mu ọtí líle, n kì í mu àmuyó, Sátidé àti Sọ́ńdè sì jẹ́ ti ẹbí. Oúnjẹ mi ò yí padà: àmàlà lọ́sàn-án, oúnjẹ alẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́rin, ikùn ń yọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Kílò 74 ni mí nígbà yẹn, mo ti di 83 báyìí. Apá ò sanra, ẹsẹ̀ ò sanra, ikùn nìkan ló ń gbà á. Télọ̀ ti tú ìbàdí ṣòkòtò mi títí kò fi sí aṣọ tó kù láti tú mọ́. Ìyàwó mi ní bíà ni. Lójú tèmi, ìgò méjì ò tó nǹkan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú, kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ṣàngó

Àbúrò, ìyàwó rẹ ò parọ́. Bíà ni. Gáàsì tó ń hó nínú rẹ̀ ló ń fẹ ikùn. Àwọn tó ń mu ògógóró lábúlé wa, gbogbo wọn ló tín-ín-rín, o ò lè rí ikùn lára ọ̀kan nínú wọn. Fi bíà sílẹ̀, kí o máa mu ọtí líle díẹ̀ tàbí ọtí egbòogi tó korò yẹn. Ìkorò rẹ̀ ń yọ́ ọ̀rá. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Arábìnrin Ọ̀ṣun

Ẹ dákun, èmi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi, síbẹ̀ ikùn mi ò lọ láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ kẹta. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì nìkan ni mò ń mu lálẹ́, torí ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Irú ewé wo ni mo lè sè fún un?

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìwọ̀n ara ni iṣẹ́ mi, irú ìbéèrè yìí sì máa ń wọlé wá bá wa dáadáa.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Gáàsì ń fẹ ikùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ó gúnfẹ̀, ẹ ó sùn, ilẹ̀ á mọ́, ó ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá gáàsì ni tàbí ọ̀rá, kó wọn ikùn rẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹ, kó tó mu. Bó bá ṣì tóbi nígbà yẹn, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kúrò lórí ọ̀rọ̀ gáàsì.

Ohun tí wọn kì í kọ sára ìgò bíà ni mo fẹ́ ká jọ wò. Gíráàmù kan ṣúgà tàbí gààrí gbígbẹ ń fún ara ní kálórì bíi 4. Ti òróró jẹ́ 9. Ọtí gan-an, ìyẹn nǹkan tó ń pani nínú rẹ̀, 7 ni, ẹ̀gbẹ́ òróró ló wà. Agbára ìgò kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ bíi 5% tàbí 7.5%. Ẹ mú iye sẹ̀ǹtílítà ìgò yẹn, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye agbára rẹ̀, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ wá fi díẹ̀ lé e. Ìgò ńlá 60 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5: 60 lọ́nà 5 jẹ́ 300, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 150, ẹ fi díẹ̀ lé e, ó di nǹkan bíi 168. Kálórì ti ọtí inú rẹ̀ nìkan nìyẹn. Bíà tún ní ìyókù ọkà tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ìyẹn á gbé e dé nǹkan bíi 250. Nítorí náà ìgò méjì tí Ọmọ Bódìjà ń mu jẹ́ 500 lálẹ́ kan. Bíà dúdú tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5, ìgò kan nínú rẹ̀ lè sún mọ́ 400.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan náà wo ọtí líle tí bàbá ní ká bọ́ sí. Ògógóró tí agbára rẹ̀ tó 40, ẹ bu sẹ̀ǹtílítà 10 péré sínú kọ́ọ̀bù, ìyẹn ò tó ìdajì kọ́ọ̀bù tí a fi ń mu omi: 40 lọ́nà 10 jẹ́ 400, ìdajì rẹ̀ 200, fi díẹ̀ lé e, 224. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìgò bíà ńlá kan. Kò sí egbòogi kan nínú rẹ̀ tó ń pa kálórì yẹn rẹ́.

Bàbá Ìbejì Ṣàngó

Ó dáa, mo gbọ́. Kí ló wá dé tí àwọn ológógóró fi tín-ín-rín? Ojú mi ni mo fi rí i o.

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹ̀yin náà ẹ rántí dáadáa, bàbá mi: ìgbà mélòó lóòjọ́ ni ẹ rí wọn tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ? Ẹni tó ń mutí láti àárọ̀ kì í jẹun tó. Ọtí ti gba ipò oúnjẹ, kò sì ní ohun tí iṣan ara fi ń dúró nínú. Apá á gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wọlé. Ìyẹn kì í ṣe àlàáfíà. Ti Ọmọ Bódìjà yàtọ̀: ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ pé, ó tún wá gbé 500 lé e.

Olùṣirò Abẹ́òkúta

Àǹtí Adúnní, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí ò dúró lójú tèmi. Wọ́n máa ń sọ pé kílò ọ̀rá kan jẹ́ kálórì bíi 7,700. 500 lálẹ́ lọ́nà ọjọ́ 5 jẹ́ 2,500 lọ́sẹ̀. Lọ́dún kan ó di 130,000. Ẹ pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò 17. Fún ọdún mẹ́rin, ó yẹ kí bùrọ̀dá ti fi kílò 68 kún un. Mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi kún un. Níbo ni ìyókù wà? Ó jọ pé ọ̀rọ̀ kálórì ọtí yìí ò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ìbéèrè gidi rèé, inú mi dùn pé ẹ bi í. Ara kì í jókòó kalẹ̀ máa gba ìṣirò bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó wúwo sí i ń ná agbára sí i: ẹni kílò 83 tó ń gun àtẹ̀gùn ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tó jẹ́ kílò 74 lọ. Èkejì, nígbà míì ẹni tó mutí lálẹ́ ò ní jẹun púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ẹ̀kẹta, lílo ọtí fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nínú agbára yẹn, ooru ló ń bá lọ. Nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú 500 yẹn ti gba ibòmíràn lọ.

Ẹ wá yí ìṣirò yín padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Kílò 9 lọ́nà 7,700 jẹ́ bíi 69,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ inú ọdún mẹ́rin. Kò ju kálórì 47 lọ lójúmọ́ tó ń ṣẹ́ kù sára. 47! Kò tó búrẹ́dì ègé kan. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í mọ̀. Lóṣù kan, ìwọ̀n ò ní sọ nǹkan gidi fún un, torí omi àti oúnjẹ inú ìfun nìkan lè yí ìwọ̀n padà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣòkòtò ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ìyá Olóúnjẹ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ni mo ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí, mo sì fẹ́ bi bùrọ̀dá Bódìjà ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n dárúkọ àmàlà, wọ́n dárúkọ oúnjẹ alẹ́. Kí ló wà lórí tábìlì láàárín méjèèjì? Torí mi ò tíì rí oníbàárà tó mu ìgò méjì lórí tábìlì òfìfo rí. Àwọn oníbàárà mi, ìgò kìíní, wọ́n á ní àwọn ò jẹ nǹkan. Bó bá ti kan ìkejì, wọ́n á ní kí n gbé àsun wá. Àsun yẹn, mo fẹ́ kí ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣe é: ẹran ewúrẹ́ pẹ̀lú ọ̀rá ara rẹ̀ àti awọ ni mo ń sun, lẹ́yìn náà ni mo ń yí i nínú òróró, ata rodo àti àlùbọ́sà. Tí n kò bá da òróró tó sí i, kì í dán, wọn ò sì ní rà á. Síbí ńlá mẹ́ta ni mò ń dà sí abọ́ ẹni mẹ́ta.

Ọmọ Bódìjà

Hẹn, àsun wà níbẹ̀ o, màmá. Nígbà míì súyà. A jọ ń jẹ ẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á sí oúnjẹ.

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Olóúnjẹ, ibi tí mo ń lọ gan-an lẹ gbé wa dé. Síbí òróró kan ní kálórì bíi 120. Bí ẹni mẹ́ta bá pín síbí mẹ́ta, òróró nìkan ti jẹ́ 120 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ò tíì ka ẹran. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Àsìkò tó wọlé ni.

Ara ní ibi tó lè tọ́jú ṣúgà sí, ó sì ní ibi tó lè tọ́jú ọ̀rá sí. Kò ní ibi tó lè tọ́jú ọtí sí, bẹ́ẹ̀ ọtí sì léwu fún un. Nítorí náà bí ọtí bá ti wọlé, ẹ̀dọ̀ á pa iṣẹ́ yòókù tì, bí onílé ṣe ń pa gbogbo iṣẹ́ tì nígbà tí àna bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀rá tí ara ì bá máa jó lálẹ́ yẹn, kò ní jó o tó bó ṣe yẹ. Ọ̀rá inú àsun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á sì lọ síbi ìpamọ́. Nínú ọtí fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba kékeré ló ń di ọ̀rá. Oúnjẹ tó bá a rìn ló ń dúró.

Ẹ̀dọ̀ kì í yára. Ó ń palẹ̀ ọtí mọ́ ní nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 10 ní wákàtí kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìgò ńlá kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní gíráàmù bíi 24. Méjì jẹ́ 48. Bí bùrọ̀dá bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́, ó lè kọjá aago méjìlá òru kí ẹ̀dọ̀ tó tán iṣẹ́ lórí rẹ̀. Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ni àsun wọlé, tí oúnjẹ ilé tún tẹ̀ lé e. Omi tútù ò lè mú un yá, bẹ́ẹ̀ ni kọfí ò lè mú un yá.

Nípa ìdí tó fi jẹ́ ikùn: àwa obìnrin sábà máa ń tọ́jú ọ̀rá sí ìdí àti itan títí nǹkan oṣù á fi dá. Ẹ̀yin ọkùnrin, ikùn ni tiyín máa ń lọ, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Èyí tó wà láàárín ìfun léwu ju èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ di mú lọ. Ìdí nìyẹn tí apá àti ẹsẹ̀ bùrọ̀dá ò fi yí padà.

Arábìnrin Ọ̀ṣun, mi ò gbàgbé yín. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta, iṣan iwájú ikùn lè yà sọ́tọ̀, kó má sì padà pọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà fọwọ́ kàn án wò kí ẹ tó se ewé kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara agolo mọ́ọ̀tì yẹn, wọ́n sábà máa ń kọ kálórì sí i. Kò sí ọtí nínú rẹ̀, ṣúgà ni, agolo 33 kan sì lè tó 200. Ẹ wá fi mílíìkì olómi lé e. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ ń wá, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ mọ̀ bóyá ó dín.

Akin Lewisham

Ẹ kú ilé o. Níbí ní Britain, láti ọdún 2016, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí èèyàn má mu ju yúnìtì 14 lọ́sẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà, kó sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yúnìtì kan jẹ́ mílílítà 10 ọtí gidi. Ìgò ńlá tilé yẹn, 60 tó jẹ́ 5%, yúnìtì 3 ni. Ìyẹn ni pé ìgò márùn-ún lọ́sẹ̀ ti kọjá ààlà. Bùrọ̀dá ń mu mẹ́wàá, 30. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ní kò tó nǹkan, nítorí kò sí ẹni tó ń yó níbẹ̀. Ìmutíyó kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Onítakisí Ìkejà

Ẹ ṣé é o. Èmi ti mọ ọ̀nà tèmi. Ọjọ́ tí mo bá máa mutí, mi ò ní jẹun alẹ́ rárá. Kálórì ọtí á gba ipò oúnjẹ, ó parí. Mo ń lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, dókítà ní kí n dín ìwọ̀n ara kù, ọ̀nà yìí sì ń ṣiṣẹ́.

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, kí ẹ ka èyí lónìí kó tó di alẹ́. Ẹ ò dárúkọ oògùn yẹn. Bó bá jẹ́ ínsúlìn, tàbí irú glibẹ́nkílámáìdì, ohun tí ẹ ń ṣe léwu. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọtí, kò ní lè tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Oògùn náà ń fa ṣúgà wálẹ̀, oúnjẹ ò sì sí nínú ikùn. Ṣúgà lè já wálẹ̀ lójú oorun. Òógùn tútù, gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, àwọn ará ilé á rò pé ọtí ló ń pa yín, wọn á jẹ́ kí ẹ sùn. Ẹ jẹ oúnjẹ gidi kí ẹ tó mu ohunkóhun, kí ẹ sì gbé orúkọ oògùn náà lọ bá dókítà yín. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé ẹ ń mutí, kó lè tún ìwọ̀n oògùn yẹn wò.

Onítakisí Ìkejà

Glibẹ́nkílámáìdì ni. Mo dúpẹ́. Màá lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì mutí lálẹ́ òní.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ kú làálàá gbogbo yín. Kí ni kí n wá ṣe? N kò fẹ́ fi àwọn ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀, ibẹ̀ la ti máa ń yanjú ọ̀rọ̀ owó ọjà. Mo fi téèpù télọ̀ wọn ikùn mi láàárọ̀ yìí, 101. Mo ga ní sẹ̀ǹtímítà 170. Ẹnì kan ní kí n máa ṣe eré dìde-dọ̀bálẹ̀ lálaàárọ̀, ikùn á lọ.

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Eré yẹn á mú iṣan ikùn le, ó dára. Kò lè yan ọ̀rá tó wà lókè rẹ̀ kó jó o.

Ẹ tún wọn ikùn yín lọ́la báyìí: ẹ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn, ẹ wá orí egungun ìbàdí, àárín méjèèjì ni kí téèpù wà, kì í ṣe ibi tí bẹ́líìtì ń wà. Ẹ mí jáde wẹ́rẹ́, ẹ má fa ikùn wọlé. Bó bá ṣì jẹ́ 101, ó ti kọjá 94 tí a fi ń kìlọ̀ fún ọkùnrin, ó sì ti kọjá ìdajì gíga yín, tó jẹ́ 85.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó tì yín, màá ní kí ìgò mẹ́wàá di mẹ́rin lọ́sẹ̀: méjì méjì ní ọjọ́ méjì, tàbí ìgò kan ní ọjọ́ mẹ́rin. Kí ẹ má kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí Fúráìdè. Ní ọjọ́ tó kù, omi lórí tábìlì, kì í ṣe mọ́ọ̀tì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ ṣáájú ọtí, kí ebi má baà pàṣẹ àsun. Bí ẹran bá máa wà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pẹpẹsúùpù ẹja tí wọn ò da òróró sí.

Ìgò mẹ́fà tó dín jẹ́ 1,500 lọ́sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 12, ó jẹ́ 18,000. Bí Olùṣirò bá pín in, á ní kílò 2 ó lé díẹ̀. Ẹ retí kílò kan tàbí kan àbọ̀, nítorí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa ara. Téèpù á ti mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé kò sí ìyípadà kankan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ẹ wo oúnjẹ ọ̀sán, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi òkèlè kan kún un láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì fún ẹlòmíràn tó ń ka èyí. Bí ikùn bá yára tóbi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó le, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí ẹyinjú pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ, ọ̀rá kọ́ nìyẹn, omi ló ń kún inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì sábà máa ń fà á. Ọsibítù lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹni tó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì mu, kó má dá ọtí dúró lójijì fúnra rẹ̀. Gìrì lè mú un. Dókítà ló yẹ kó bá a dín in kù.

Olùṣirò Abẹ́òkúta

Ó yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń mu ìgò kan lọ́sẹ̀, tàbí méjì, láìsí àsun: ṣé òun náà ń sanra?

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ìwádìí ò fẹnu kò lórí ìyẹn. Àwọn tó ń mu díẹ̀, àwọn kan ò sanra ju ẹni tí kì í mu lọ. Àwọn tó ń mu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe kedere jù. N kò lè sọ fún yín pé ìgò kan lọ́sẹ̀ ló fà á.

Bàbá Ìbejì Ṣàngó

Èmi ṣì rò pé bíà burú ju ọtí líle lọ fún ikùn, ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ẹmu. Ẹmu àárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ kan. Wọ́n ní èyí tó kan ò ní ṣúgà mọ́, ṣé kì í sọni di oníkùn?

Adúnní Onímọ̀ Oúnjẹ

Ṣúgà inú rẹ̀ ò fò lọ, bàbá. Ìwúkàrà ló sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ọtí. Kálórì rẹ̀ dín díẹ̀, agbára rẹ̀ sì ti pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Igbá ò ní àkọlé lára, torí náà n kò lè fi nọ́ńbà kan pàtó lé yín lọ́wọ́. Igbá mélòó lẹ máa ń mu, irú igbá wo sì ni?